Pánla tí a ń rà lọ́jà, wọn ò fi iyọ̀ sí i o

Lọ́dún tó kọjá, a fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ nílé ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ọ̀fà, ọjọ́ Sọ́ńdè ni. Mọ́mì ti ra odidi pánla méjì ní Ọjà Owódé, èyí tó gùn gbọọrọ tí wọ́n máa ń fi ayùn rẹ́ bí ẹni ń rẹ́ pákó. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ sínú bàsíà, wọ́n da omi lé e, wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ kíṣíìnì. Mo ní "Mọ́mì, ṣé kò ní bàjẹ́ kó tó di Sọ́ńdè báyìí?" wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé iyọ̀ tí àwọn òyìnbó ti rọ́ sínú ẹ̀ ò ní jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é, pé ṣebí torí kí iyọ̀ yẹn lè jáde la ṣe ń rẹ ẹ́.

Alẹ́ Sátidé la ṣí bàsíà yẹn, omi ẹ̀ ti ń hó, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ilá, òórùn ẹ̀ kì í sì í ṣe òórùn pánla tí gbogbo wa mọ̀, ó ti kan. Gbogbo ẹ̀ la dà nù. Owó ńlá ni, ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta pánla báyìí.

Ohun tó fà á ni pé kò sí iyọ̀ kankan nínú ẹja yẹn láti ilẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Nọ́wè ni èyí tó pọ̀ jù nínú pánla gbígbẹ wa ti ń wá, ní àwọn erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Lọ́fótẹ̀n, lókè pátápátá níbi tí òtútù wà. Ẹja kọ́ọ̀dù ni. Tó bá ti di Jánúárì, ẹja yìí á rọ́ wá sí etíkun ibẹ̀ láti wá yé ẹyin, àwọn apẹja á kó o, wọ́n á yọ ìfun ẹ̀, wọ́n á gé orí ẹ̀ (orí yẹn náà wọ́n ń sá a lọ́tọ̀, òun ló ń wá bá wa gẹ́gẹ́ bí orí pánla), wọ́n á wá so ẹja náà ní méjì méjì níbi ìrù, wọ́n á fi kọ́ orí igi gbọọrọ gbọọrọ tí wọ́n tò sókè ní ìta gbangba. Ó parí. Kò sí iyọ̀, kò sí èéfín, kò sí iná. Atẹ́gùn òkun tó tutù ló máa fẹ́ sí i láti nǹkan bíi Fẹ́búárì títí dé Méè, lẹ́yìn náà wọ́n á kó o wọlé fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta mìíràn kó lè gbẹ délẹ̀ dáadáa.

Ẹni tó bá ti sá gbodo rí ní ìlú tiwa ò ní ṣòro fún láti gbà á gbọ́. Ta ló ń fi iyọ̀ sí gbodo? Ẹ bọ isu sínú omi gbígbóná, ẹ sá a, omi inú ẹ̀ lọ, ó sì lè wà nílé látọdún dé ọdún kó tó di èlùbọ́. Nǹkan tó ń ba oúnjẹ jẹ́, àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú ò rí, omi ni wọ́n fi ń ṣayé, tí kò bá ti sí omi wọn ò lè ṣe nǹkan kan. Ẹja kọ́ọ̀dù tútù, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ara ẹ̀ ló jẹ́ omi, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bíi kílò márùn-ún ẹja tútù ló ń di kílò kan pánla. Iyọ̀ náà, tí ẹ bá wò ó, iṣẹ́ fífa omi jáde yẹn náà ló ń ṣe lára ẹja, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà dé ibì kan náà.

Ẹ lè wá ní tó bá jẹ́ atẹ́gùn ni, ṣebí ọyẹ́ ń fẹ́ ní Ìlọrin, ètè wa ń là, kí ló dé tí a ò lè ṣe tiwa? Ọyẹ́ tiwa gbẹ lóòótọ́ ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán ẹ̀ gbóná, ẹja ńlá bẹ́ẹ̀ á ti rà nínú kí ẹ̀yìn ẹ̀ tó gbẹ, eṣinṣin á sì ti bò ó. Ní Lọ́fótẹ̀n, ojú ọjọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tí omi ti ń fẹ́ di yìnyín ní àsìkò yẹn, omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá ni kì í jẹ́ kó tutù jù. Tó bá tutù jù, omi inú ẹja á di yìnyín, á fọ́ ẹran ara ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹja náà á wú fúkẹ́fúkẹ́. Tó bá gbóná jù, á kan, eṣinṣin á dé. Àárín méjèèjì yẹn ni wọ́n ń wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ti wọlé, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Nọ́wè kan náà ń ṣe oríṣi mìíràn tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí gan-an, kọ́ọ̀dù yẹn náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n á là á pẹrẹsẹ bí ìwé tí a ṣí sílẹ̀, wọ́n á fi iyọ̀ bò ó kí wọ́n tó sá a, iyọ̀ inú ẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún, àwọn Potogí ló fẹ́ràn ẹ̀ jù. Lọ́dọ̀ tiwa níbí náà, àwọn tó ń yan ẹja yìnyín tà máa ń rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí iná, pánla lọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pe òun náà. Orúkọ kan náà, ẹja ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn míì ní òórùn ẹ̀ ni, pé nǹkan tó ń rùn báyìí iyọ̀ ló wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ ò ní òórùn. Bí ara ẹja ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù tó pọ̀ yẹn ló ń mú òórùn àti adùn ẹ̀ wá.

Tí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀ lọ́jà, ẹ fi méjì gbá ara wọn. Pánla tó gbẹ dáadáa á dún kó-kó bí igi, ó rí gbọọrọ, ojú okùn sì lè wà níbi ìrù ẹ̀. Ẹja oníyọ̀ á rí pẹrẹsẹ, ó lè tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ máa rí iyọ̀ funfun wínníwínní lára ẹ̀, tó bá sì di ìgbà òjò ó máa ń làágùn. Èmi rẹ ẹyọ kan sínú ife omi lásán lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ọ̀fà yẹn, mo fi ahọ́n tọ́ omi náà wò, adùn ẹja ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ iyọ̀.

Ẹ wá wo bàsíà Mọ́mì padà. Gbígbẹ nìkan ló ń ṣọ́ ẹja yẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá ti da omi lé e, ẹ ti dá omi tí atẹ́gùn fi oṣù mẹ́ta gbà padà fún un, ó ti di ẹja tútù, ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò ní gbé ẹja tútù kalẹ̀ ní kíṣíìnì láti Jímọ̀ dé Sátidé nínú ooru yìí. Tó bá máa sùn nínú omi, inú fíríìjì ló yẹ kó sùn, kí ẹ pààrọ̀ omi ẹ̀. Tí kò bá sí iná, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ kéékèèké láti ọjà, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ gbé e kaná lọ́jọ́ náà kó rọ̀ nínú ìkòkò. Àti ní ìgbà òjò, èyí tí ẹ ò tíì rẹ pàápàá, tí ẹ bá gbé e síbi tó tutù á fa omi, á hu funfun bí èlùbọ́ tí òjò pa.

Ẹnìkan tún ti sọ fún Mọ́mì pé kí wọ́n jáwọ́ nínú pánla torí ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì jáwọ́ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ mágì mẹ́rin ṣì ń wọ ìkòkò wọn nígbà yẹn. Mágì yẹn, ó lé ní ìdajì ẹ̀ tó jẹ́ iyọ̀, bẹ́ẹ̀ àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà máa jẹ lójúmọ́ má pé gíráàmù 5, bíi ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ díẹ̀ tí Ọlọ́run dá mọ́ ẹja ló wà nínú pánla. Ní báyìí mágì kan péré ni wọ́n ń fi sí i, pánla ti padà sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wọn, omi tí wọ́n fi sè é ni wọ́n sì fi ń se ọbẹ̀ náà, wọn kì í dà á nù mọ́.