Nígbà tí ooru bá mú, tí ojú ń dán, tí irorẹ́ ń yọ: ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó yọ

Ọ̀dọ́bìnrin kan wá rí mi nígbà tí ooru mú gan-an. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ àti aṣọ lílọ̀ ló ń ṣe, àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló sì fi ń wà nídìí áyọ́ọ̀nù. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iwájú orí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mò ń bọ́jú lójúmọ́, síbẹ̀ ńṣe ló ń dán sí i, tó tún ń yọ sí i."

Mo ní kó sún mọ́ ojú fèrèsé, mo sì wò ó dáadáa. Ohun tó kún iwájú orí rẹ̀, pàápàá níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, jẹ́ wínníwínní, wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, gbogbo wọn sì rí bákan náà bí ẹni pé ẹnì kan ló tò wọ́n. Kò sí olórí dúdú kankan, ìyẹn ihò irun tó dí tí orí rẹ̀ sì dúdú, láàárín wọn. Ní àgbọ̀n rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀: mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ló wà, ọ̀kan tóbi, òmíràn kéré, ọyún wà nínú ọ̀kan, olórí dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo bi í pé èwo ló ń yún un. Iwájú orí ló fọwọ́ kàn. "Bí mo bá ti ń làágùn báyìí, mi ò lè ṣe kí n má họ ọ́."

Ìdáhùn yẹn ló tọ́ka ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ti àgbọ̀n ni irorẹ́ gan-an: ọ̀rá àti awọ tó ti kú dí ihò irun, kòkòrò bá sì wọ ibẹ̀. Ti iwájú orí kì í ṣe irorẹ́, bó tilẹ̀ jọ ọ́. Malaséṣíà ló ń fà á, kòkòrò kan tó jẹ́ ẹ̀yà olú, tó ń gbé lára gbogbo wa, tó sì ń jẹ ọ̀rá ara. Òun náà ló máa ń fa ìpẹ́pẹ́ funfun tó ń já bọ́ láti orí sí èjìká. Bí ooru bá mú, tí òógùn kò rí afẹ́fẹ́ gbẹ, á rí ọ̀rá jẹ, á rí omi, á sì pọ̀ sí i nínú ihò irun. Ó máa ń mú iwájú orí, àyà àti ẹ̀yìn. Obìnrin yìí ti lo oògùn apakòkòrò oníhóró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó wá, èyí sì dá kún un, nítorí oògùn yẹn ń pa àwọn kòkòrò mìíràn tí ń bá malaséṣíà du àyè, kò sì ran malaséṣíà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta wà tí mo máa ń rí, ṣùgbọ́n kò le. Èyí ni wínníwínní tó máa ń yọ níbi tí aṣọ ti fún mọ́ ara, tó ń ta ni bí abẹ́rẹ́. Ojú ọ̀nà òógùn ló dí. Bí ẹni náà bá tutù, tó wọ aṣọ fífúyẹ́, ó máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan láìlo oògùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí dídán ojú, torí ó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn ṣìnà. Ohun méjì ló ń dán lójú: òógùn àti ọ̀rá. Ẹ mú tíṣù pẹlẹbẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹ wá jẹ́ kó gbẹ. Bí ojú tíṣù bá padà sí bó ṣe wà, òógùn ni. Bí ibì kan bá kù tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀rá nìyẹn. Ọ̀rá ń jáde láti inú, bíbọ́jú kò sì lè sọ fún un pé kó dúró, láàárín wákàtí mélòó kan á ti padà. Bíbọ́jú lẹ́ẹ̀mẹfà ń bó awọ òkè, ojú á máa fún bí ẹni tó lẹ̀ mọ́ ara, ẹni náà á bá fi ìpara kíki sí i. Ohun tí obìnrin yìí ṣe gan-an nìyẹn. Ó tún ń fi òróró pa irun, òógùn sì ń wọ́ òróró náà wá sí iwájú orí rẹ̀, oúnjẹ tuntun fún malaséṣíà.

Ohun tí a ṣe kò pọ̀. Mo ní kó máa bọ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìbọ́jú pẹ̀lẹ́. Bó bá làágùn lọ́sàn-án, kó fi omi lásán ṣan án, kó sì fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kó má fi ra ojú. Tó bá ń dán lẹ́nu iṣẹ́, tíṣù ni kó fi tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó pa ìpara kíki tì, kó lo oníjẹ́ẹ̀lì tí kò lóróró, kó sì jẹ́ kí òróró irun jìnnà sí etí iwájú orí.

Ìpara tí ń dènà oòrùn ni mo kọ̀ kó pa tì, bó tilẹ̀ fẹ́. Ó ní ó ń lẹ̀ mọ́ òun lójú. Mo ní kó wá èyí tó jẹ́ jẹ́ẹ̀lì, tí nọ́ńbà SPF tó wà lára rẹ̀ kò dín ní 30, torí lára àwọn aláwọ̀ dúdú, àpá dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀ máa ń pẹ́ ju irorẹ́ fúnra rẹ̀ lọ, oòrùn sì ń mú kó dúdú sí i. Ìwọ̀n tí ó tó fún ojú àti ọrùn ni èyí tí a fún sí gígùn ìka méjì.

Fún iwájú orí, ṣámúpù tó ní kẹtokónásóòlù ìdá 2 nínú 100 ni mo fún un. Kó fi pa ibẹ̀ lálẹ́, kó di ojú pa, kó jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kó wá ṣan án. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí ooru fi rọlẹ̀. Fún àgbọ̀n, bẹ́nsóìlì pẹ́rọ́sáìdì ìdá 2.5 nínú 100, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ní alẹ́ kan, kó fo alẹ́ kejì. Èyí tó le ju ìyẹn lọ kì í sábà ṣiṣẹ́ jù ú lọ, ńṣe ló máa ń jó ara. Mo kìlọ̀ fún un pé ó ń ba àwọ̀ aṣọ jẹ́, kó tẹ́ aṣọ funfun sórí ìrọ̀rí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 3, yíyún ti dáwọ́ dúró, iwájú orí sì ti ń tẹ́jú. Àgbọ̀n gba oṣù mẹ́ta gbáko. Bẹ́ẹ̀ ni irorẹ́ ṣe máa ń ṣe, ẹni tó bá pààrọ̀ oògùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ní mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́.

Bí wínníwínní tó ń yún kò bá tíì rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 tí ẹ lo ṣámúpù náà, ẹ lọ rí dókítà awọ ara, ó lè jẹ́ pé oògùn oníhóró tó ń pa malaséṣíà ló kù láti lò, tàbí kó jẹ́ nǹkan mìíràn ló ń fà á. Ẹni tí tirẹ̀ bá le gbandi lábẹ́ awọ, tó ń dùn ún, tó sì ń fi kòtò sílẹ̀, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan.

Bí ojú ọjọ́ bá sì tutù padà, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kí ìpara tó kí díẹ̀ padà sórí tábìlì. Ìgbà yẹn lojú á nílò rẹ̀.