Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀sì máànù: àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ló kọ́kọ́ ń gbẹnu sọ fún

Tẹ́ ẹ bá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ tí bẹ́ẹ̀sì máànù máa ń sọ níbi wẹ́dìn ti wá, ìtàn kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn, pé láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Jámánì wọ́n máa ń jí ìyàwó gbé ni, ọkọ á wá mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó mọ idà lò jù dání kí àwọn ẹbí ọmọ má bàa gbà á padà. Ìtàn yẹn dùn létí àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orúkọ yẹn gan-an, ẹnu àwọn ará Skọ́tílándì la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, láàárín 1700 sí 1800, ìyàwó náà sì ní tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bẹ́ẹ̀sì mẹ́ẹ̀dì. Ṣé ọmọbìnrin yẹn náà mú idà dání ni? Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni wọ́n ń mú idà lọ, idà kì í sọ̀rọ̀. Ohun tá a ń wá ni bí ẹni tó dúró ti ọkọ ṣe wá di ẹni tó ń gbé máíkì.

Torí pé dídúró ti ọkọ ti pẹ́ gan-an o. Nínú Bíbélì wa, Jòhánù orí 3 ẹsẹ 29, ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ń bẹ níbẹ̀, ẹ wo ohun tó ń ṣe: ó dúró, ó ń gbọ́ ohùn ọkọ, inú ẹ̀ ń dùn, ó parí. Kò sọ nǹkan kan. Bó ṣe rí nílé wa náà nìyẹn. Lọ́jọ́ ìdána, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ máa ń dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ níwájú àwọn ẹbí ìyàwó, wọ́n á dìde, wọ́n á tún dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n alága ìdúró àti alága ìjókòó ló ń sọ̀rọ̀, àwọn ló ń kọrin, àwọn ló ń pa wá lẹ́rìn-ín, àwọn ló sì ń gbowó. Ara ni ọ̀rẹ́ ọkọ fi ń jẹ́rìí, kì í ṣe ẹnu. Èmi rò pé tiwa yìí dáa jù, torí ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ fún.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀nà ọtí. Pé kéèyàn gbé ife sókè kó fi wúre fún ẹlòmíì, àwọn Gíríìkì ti ń ṣe é, àwọn Róòmù náà ń ṣe é, kò sí ẹni tó lè ní òun nìkan ló ni ín. Àmọ́ tóòsì, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, búrẹ́dì ni, búrẹ́dì yíyan. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ máa ń ju búrẹ́dì tí wọ́n yan sínú wáìnì, kí adùn ẹ̀ lè wọnú ọtí. Ní 1709, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Steele kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹ̀, Tatler, pé ní ìlú Bath, níbi táwọn èèyàn ti ń lọ wẹ omi gbígbóná, arẹwà obìnrin kan wà nínú omi, ni ọkùnrin kan bá bu nínú omi tí obìnrin yẹn dúró sí, ó mu ún fún ìlera obìnrin náà, ni ẹnìkejì tí ọtí ti ń pa bá ní òun ò nífẹ̀ẹ́ sí omi yẹn o, tóòsì tó wà nínú ẹ̀ lòun fẹ́. Bí obìnrin tí wọ́n ń yìn ṣe gba orúkọ búrẹ́dì nìyẹn. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí Steele fi iyọ̀ sí i, ohun tó dá mi lójú ni pé nígbà tó fi máa kọ ọ́, obìnrin tí gbogbo ilé ọtí ń gbé ife sókè fún ni wọ́n ń pè ní tóòsì. Èmi wá ń rò ó pé àṣà yìí náà ló gba ẹ̀yìn wọ ilé wẹ́dìn, torí pé tí ọ̀dọ́ bá pọ̀ sídìí tábìlì tí ọtí ń bẹ níbẹ̀, àwọn ọmọge tó tẹ̀lé ìyàwó ni wọ́n máa kọ́kọ́ fẹ́ yìn.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di 1886, àárọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó, kò gbọ́dọ̀ kọjá aago méjìlá ọ̀sán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe oúnjẹ ẹ̀yìn ẹ̀ ní oúnjẹ àárọ̀ ìgbéyàwó títí dòní. Nídìí oúnjẹ yẹn, àgbà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹbí á gbé ife sókè fún tọkọtaya. Ọkọ á dáhùn, á dúpẹ́, á wá gbé ife sókè fún àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó. Àwọn obìnrin kì í sábà sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ nígbà yẹn, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ dáhùn fún wọn, ni bẹ́ẹ̀sì máànù bá dìde. Iṣẹ́ tó gbé e dìde nìyẹn! Kò dìde láti wá tú àṣírí ọkọ, ẹnu àwọn ọmọbìnrin ló wá yá. Ẹ̀rín ti wà nínú ẹ̀ látilẹ̀, torí àpọ́n tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn ọmọge, kó tó yanu làwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Ó sì ní láti kúrú, torí tọkọtaya ń múra ìrìn àjò.

Àwọn Sàró tó padà sí Èkó wá ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìgbéyàwó Èkó sì jáde ní 1884, bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a pàdé. Lẹ́yìn náà ìdáhùn fún àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìtàn ọkọ gba ipò ẹ̀, fóònù dé, gbogbo ẹ̀ wá di fídíò.

Ìṣòro ibẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀sì máànù á gba máíkì, á ní “ẹ̀yin bọ̀ìsì, ṣé ẹ rántí rúùmù 14?”, ni tábìlì kan ṣoṣo á bá bú sẹ́rìn-ín, ìyá ìyàwó á wá máa wojú ọmọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yẹn bàjẹ́, ẹ wo ibi tí ẹ̀rín ti ń wá. Tó bá ti jẹ́ tábìlì kan, ó ti yọ àwọn yòókù sílẹ̀.

Tí wọ́n bá fún bẹ́ẹ̀sì máànù ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò gbà ju ọ̀rọ̀ bíi 350 lọ, torí ẹ̀rín náà máa jẹ nínú ẹ̀. Ìtàn kan ló gbà, kó jẹ́ èyí tí bàbá àgbà tó wá láti abúlé náà máa mọ̀ láìsí àlàyé. Bíi èyí: “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó. Tẹ́ ẹ bá pe ọkọ ìyàwó wa, ‘mo ti wà lọ́nà’ ló máa sọ, ẹ ó sì máa gbọ́ omi tó ń dà nínú báfù. Lọ́jọ́ kan ló pè mí, ó ní òun ti dé. Mo ní dé ibo? Ó ní ilé ọmọbìnrin kan, wọ́n ní kóun wá ní aago mẹ́rin, aago mẹ́ta lòun ti jókòó síbẹ̀. Ni mo bá lọ ra aṣọ wẹ́dìn.” Gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó máa ń wà lọ́nà. Ẹ̀rín á dé, ìyìn náà á dé sórí ìyàwó, torí òun ló jẹ́ kó máa tètè dé.

Lẹ́yìn ìyẹn kó yíjú sí ìyàwó, kó sọ ohun kan tó rí lára ẹ̀ fúnra ẹ̀, kó wá fi gbólóhùn kan dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó tó ti jí láti aago márùn-ún ìdájí nítorí géèlè, torí àwọn ló ni ọ̀rọ̀ yẹn kó tó di tiẹ̀. Kó wá ní kí gbogbo ilé gbé ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn sókè, wáìnì, míńrà tàbí omi inú ọ̀rá.