Oníṣòwò Petersburg àti Ìlà Ìpín Owó

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìdókòwò pé ta ló kọ́kọ́ wádìí iye tó yẹ kí ènìyàn fi sínú òwò eléwu nínú ohun ìní rẹ̀, Harry Markowitz ni ọ̀pọ̀ wọn yóò dárúkọ, nítorí àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1952. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń ṣa àwọn ṣíà jọ ni Markowitz yanjú. Ìbéèrè pé mélòó nínú owó ẹni ni kí ó lọ síbẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1738, nígbà tí Daniel Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò, gbé e jáde ní èdè Látìnì.

Àwọn kan tún ń ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ náà sẹ́yìn dé Támọ́dì àwọn Júù, tó ní kí a pín owó sí mẹ́ta: ìdá kan sí ilẹ̀, ìdá kan sí ọjà, ìdá kan sí ọwọ́. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n ìpín kan náà ló fún ojo àti akíkanjú. Gabriel Cramer ará Jìnífà náà kọ lẹ́tà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1728, Bernoulli sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ títa ẹyọ owó sókè ni Cramer ń rò, kò sí ọjà kankan nínú lẹ́tà rẹ̀.

Ọjà wà nínú ti Bernoulli. Caius, oníṣòwò kan ní Petersburg, ra ẹrù sílẹ̀ ní Amsterdam, èyí tí yóò tà ní 10,000 rúbù bí ó bá gúnlẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà yẹn lásìkò náà, márùn-ún ló ń ṣègbé, ẹni tó fẹ́ dáàbò bo ẹrù rẹ̀ yóò sì san 800 rúbù fún oníbánidófò. Owó náà pọ̀ ju àdánù tí a lè retí lọ, torí 500 péré ni ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, nítorí pé bí ohun ìní ẹni bá ṣe kéré tó ni àdánù ṣe ń dun ẹni tó, Bernoulli fi hàn pé bí ohun ìní Caius yòókù kò bá tó 5,043 rúbù, kí ó san án. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó fi ẹrù náà sínú ewu. Groningen ni wọ́n ti bí Bernoulli, ó sì gbé ní Petersburg fún ọdún díẹ̀, èbúté méjèèjì. Mo fura pé ó ti gbọ́ irú àròyé bẹ́ẹ̀ létí omi kó tó di ìṣirò.

Ó dà bíi pé àwọn baba wa náà mọ ìbéèrè yìí nígbà tí wọ́n ń sọ pé ènìyàn dókòwò, bí ẹni dá oko tí òwò jẹ́ ohun ọ̀gbìn rẹ̀: àgbẹ̀ ní láti pinnu iye iṣu tí yóò gbìn àti èyí tí yóò jẹ.

Ibi tí iṣẹ́ Bernoulli kù sí ni pé ìbẹ̀rù ewu kan náà ló fún gbogbo ènìyàn. James Tobin ti Yale, nígbà tó ń wádìí ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń tọ́jú owó lọ́wọ́, ló fa ìlà ìpín owó lọ́dún 1958, ìlà tó ń fi èrè tí a ń retí hàn fún ìwọ̀n ewu tí ènìyàn bá gbà. Ìlà tààrà ni, nítorí owó tí kò séwu kì í mì: ẹni tó bá fi ìlàjì owó rẹ̀ sínú òwò eléwu ti gba ìlàjì ewu rẹ̀ àti ìlàjì èrè tó fi ju ti èyí tí kò séwu. John Pratt àti Kenneth Arrow fún ìbẹ̀rù ní ìwọ̀n láàárín ọdún 1964 sí 1965, Robert Merton sì so ó pọ̀ ní 1969:

```
y* = (E(r) - rf) / (A × σ²)
```

y* ni ìdá owó ẹni tí yóò lọ sínú òwò eléwu, E(r) ni èrè tí a ń retí níbẹ̀, rf ni èrè tí kò séwu, A sì ni ìwọ̀n ìbẹ̀rù. Ti Caius jẹ́ 1. Ká ní èrè tí kò séwu jẹ́ 4%, tí a ń retí 10% nínú òwò eléwu, tí σ, ìwọ̀n bí èrè rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, jẹ́ 20%. Ẹni tó ní 12,000 dọ́là tí A rẹ̀ jẹ́ 3 yóò fi 6,000 síbẹ̀. Ti 6 yóò fi 3,000. Ẹni tí A rẹ̀ jẹ́ 1 yóò fi 18,000, ìyẹn ni pé yóò yá 6,000. Níbí ni ìlà náà ti ń ṣẹ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò yá a lówó ní 4%. Bí èlé bá jẹ́ 8%, ìṣirò náà já sí ìlàjì péré, èyí tó fi hàn pé kò yẹ kó yáwó rárá. Kò sì ní dín in kù, nítorí 4% péré ni owó tó bá yọ kúrò níbẹ̀ yóò mú wá: yóò dúró sórí 12,000 rẹ̀.

Àléébù tó tún burú jù ni iye èrè tí a ń retí. Bí 10% yẹn bá jẹ́ 7% ní tòótọ́, ti ẹni tí A rẹ̀ jẹ́ 3 bọ́ láti 6,000 sí 3,000, ọ̀pọ̀ ọdún àkọsílẹ̀ ọjà kì í sì tó láti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Markowitz fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé nígbà tó kan owó ìfẹ̀yìntì òun, òun kò ṣírò nǹkan kan: òun pín in dọ́gba-dọ́gba láàárín bọ́ǹdì àti ṣíà, kí àbámọ̀ má baà pọ̀. Lórí àwọn iye tí mo lò lókè yìí, ẹni tí A rẹ̀ jẹ́ 3 ni.