Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀pá ìfẹ̀yìntì

Ó ti sú mi láti máa kà á nínú ìwé ìlera pé kí àgbàlagbà tí ìgbáròkó ń dùn máa lo "ọ̀pá ìfẹ̀yìntì". Ẹni tó bá fẹ̀yìn ti nǹkan ti gbé gbogbo ara lé e, ó ti dúró sójú kan nìyẹn. Ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Méjèèjì kọ́ ni iṣẹ́ ọ̀pá yìí. "Ohun ìrànwọ́ fún ìrìn" táwọn mìíràn ń kọ kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún wa, torí pé bàtà náà ń ranni lọ́wọ́ láti rìn. "Ọ̀pá arọ" ni mi ò fẹ́ gbọ́ rárá. Òun ló ń mú kí àwọn àgbà fi ọ̀pá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí wọ́n á sì máa tiro kiri. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni orúkọ tó bá a lọ, nítorí pé orúkọ náà sọ bí a ṣe ń lò ó: ọwọ́ ló ń fi ọ̀pá ti ilẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí lọ́kàn kò ní ṣòro fún un láti mọ ọwọ́ tó yẹ kó fi mú un.

Kí n tó débẹ̀, orúkọ àìsàn tó ń mú kí ìgbáròkó máa dùn bẹ́ẹ̀ gan-an ń fẹ́ àtúnṣe. A ti sọ gbogbo ìrora eegun di làkúrègbé, ìyẹn kò sì jẹ́ ká mọ èwo lèwo. Àwọn tó ń pè é ní "oríkèé jíjẹrà" tún bà á jẹ́ pátápátá, nítorí pé kò sí ohun tó rà níbẹ̀. Oríkèé jíjẹ ni mo ń pè é, bí a ṣe ń sọ pé táyà ti jẹ. Kérekère tó dán, tó bo orí eegun itan àti ihò ìgbáròkó tí orí náà ń yí nínú rẹ̀, ti tín-ín-rín, ó ti di ṣákaṣàka, eegun abẹ́ rẹ̀ sì ti ń le sí i. Ìrora rẹ̀ sábà máa ń wà níbi tí itan ti pàdé ikùn, ó lè wá síwájú itan, ó sì lè jẹ́ orúnkún ni yóò máa dùn nígbà tó jẹ́ pé ìgbáròkó ló ń ṣiṣẹ́ ibi. Láàárọ̀ ara á gan, àmọ́ kì í sábà pẹ́ tó 30 ìṣẹ́jú kó tó tú. Àtibẹ̀rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ á di iṣẹ́ ńlá.

Ẹnì kan lè ní bó bá jẹ́ bíi ti táyà ni, kí á kúkú jókòó kó má bàa jẹ tán. Níbẹ̀ ni oríkèé ti yàtọ̀ sí táyà. Kérekère kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, bí a bá sì ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tí a ń gbé e sókè ni omi náà ń wọlé tó ń jáde. Ìjókòó gbọọrọ kì í pa á mọ́, ṣe ló ń febi pa á, tí iṣan ìdí á sì máa rọ. Ìdí tí ọ̀pá fi wúlò ni pé ó ń jẹ́ kéèyàn lè máa rìn nìṣó.

Ẹ fojú inú wo pákó gígùn tí àwọn ọmọ gbé lé òkúta láti máa fò sókè fò sílẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ọmọ kan bá jókòó jìnnà sí òkúta, tí èkejì sún mọ́ ọn, ọmọ tó sún mọ́ ọn gbọ́dọ̀ wúwo ju ẹnì kejì lọ dáadáa kí pákó tó lè dúró. Òkúta tó wà láàárín ló ń ru àwọn méjèèjì. Ìgbáròkó ni òkúta náà nígbà tí a bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì ni a ń dúró ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ara ni ọmọ tó jìnnà. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí ni ọmọ tó sún mọ́ òkúta.

Ẹ jẹ́ ká mú màmá kan tó wọn 72 kìlò, tó jẹ́ pé ìgbáròkó ọ̀tún ló ń dùn ún. Ẹsẹ̀ kan ń wọn nǹkan bíi 12, nítorí náà 60 kìlò ló kù lórí ìgbáròkó nígbà tó bá gbé ẹsẹ̀ òsì. Ká ní ìwọ̀n yìí fi 10 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí oríkèé, tí iṣan sì fi 5 péré jìnnà sí i, iṣan gbọ́dọ̀ fi agbára 120 kìlò fà. Oríkèé tó ń dùn náà wá ń ru 180. Ẹ wá fi ọ̀pá sí ọwọ́ òsì rẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi 50 sẹ̀ǹtímítà sí oríkèé ọ̀tún, kó sì fi kìlò 5 péré ti ilẹ̀. Nítorí pé ọwọ́ jìnnà, agbára tí iṣan ń lò á já sí 70, ẹrù oríkèé á sì bọ́ sí 125. Ìṣirò fún ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ lèyí, ìrìn máa ń yí i padà díẹ̀, àmọ́ ẹ wo bí kìlò 5 lọ́wọ́ ṣe gbé 55 kúrò ní ìgbáròkó. Bó bá fi ọ̀pá náà sọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí ó ti ń dùn ún, ọ̀pá ti sún mọ́ òkúta jù, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, ara á sì máa rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Nítorí náà, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ni. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn á jọ lọ síwájú, wọ́n á sì jọ kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ líle á kọjá wọn. Bí ọ̀pá bá kanlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ tán, oríkèé ti ru ẹrù náà kó tó rí ìrànlọ́wọ́. Lórí àtẹ̀gùn, bó bá ń gòkè, ẹsẹ̀ líle ló ń ṣáájú, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn àti ọ̀pá tẹ̀ lé e. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ni yóò ṣáájú. Bí ibi ìdìmú bá wà, kó fi ọwọ́ kan dì í mú.

Gíga ọ̀pá ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Kó wọ bàtà tó fi ń rìn, kó dúró ṣánṣán, kó jẹ́ kí apá rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà ọrùn ọwọ́ ni kí orí ọ̀pá dé. Bó bá dì í mú, ìgbọ̀nwọ́ á tẹ̀ díẹ̀. Bí èjìká bá gbéra sókè bó ṣe ń rìn, ọ̀pá ga jù. Bó bá ń tẹ̀ síwájú tàbí síhà ọ̀pá, ó kúrú jù. Kí rọ́bà ìdí ọ̀pá náà ní ilà tó hàn kedere: bí ilà bá ti jẹ tán, yóò máa yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti ìrìn fúnra rẹ̀, màmá wa lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ìrora díẹ̀ nígbà ìrìn kì í ṣe àmì pé ó ń ba oríkèé jẹ́. Ohun tí à ń wò ni ọjọ́ kejì: bí ìrora bá ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ láàárín wákàtí 24, kó tẹ̀síwájú, kó sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ kún un. Bó bá ṣì ga lọ́jọ́ kejì, kó dín in kù, kó má ṣe jáwọ́. Kó tún di ẹ̀yìn àga tó dúró gbọin mú, kó gbé ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà 10 lẹ́sẹ̀ méjèèjì, láìfi ara rọ̀. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí tí a ti ń sọ nípa rẹ̀ ni ìyẹn ń mú lágbára.

Bí ìgbáròkó méjèèjì bá ń dùn, ọ̀pá kan kò tó. Ọ̀pá méjì tàbí férémù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a ń dì mú rìn ló yẹ. Bí ìrora bá ń jí i lóru lójoojúmọ́, tàbí tí ibà bá bá a wá, tàbí tó ṣubú tí kò sì lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ló kù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀pá mọ́.