Ohun Tí 64% Ń Sọ àti Ohun Tí Kò Sọ

Iṣẹ́ àṣetiléwá kan wọlé ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ìjọba, ní yunifásítì kan ní Abuja. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ló kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó 1,400, ó pín sí apá mẹ́ta, ó sì dá lórí ìdí tí owó ìjọba ìbílẹ̀ kì í fi í tó iṣẹ́ ṣe. Olùkọ́ fi í sínú Turnitin, ẹ̀rọ ayẹ̀wò náà sì kọ 64% sí ibi tó ti ń wá ọwọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ká fi iṣẹ́ yìí ṣe àpẹẹrẹ, ká sì wo ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kí lẹ́tà ẹ̀sùn tó dé ọwọ́ olórí ẹ̀ka.

Lórí Turnitin, 64% ń sọ pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ náà, ìdá 64 nínú 100 ló jọ ohun tí ẹ̀rọ kọ. Bí ohun tó rí ṣe dá a lójú tó, ìyẹn kò sí nínú nọ́ńbà náà rárá. Kò sì yẹ ká pa á pọ̀ mọ́ nọ́ńbà kejì tó máa ń bá a rìn, èyí tó ń ka iye ọ̀rọ̀ tó bá ti ìwé ẹlòmíràn mu. Tí nọ́ńbà bá bọ́ sáàárín 1 sí 19, Turnitin kì í tilẹ̀ kọ ọ́ jáde, `*%` ló máa ń fi síbẹ̀, torí pé àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí kò bá tó 300 ọ̀rọ̀, kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí irú ẹ̀rọ yìí ń wò ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Tí ọ̀rọ̀ tó kàn bá sábà máa ń jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lè ti fojú sùn tẹ́lẹ̀, tí gbólóhùn sì ń gùn dọ́gba-dọ́gba, ẹ̀rọ á fura. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn nínú kíláàsì tí ọmọ Hausa, Nupe, Gbagyi, Ebira àti Yorùbá jókòó pọ̀ sí. Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé ni púpọ̀ nínú wọn ń kọ, èyí tí wọ́n kọ́ láti inú ìwé kan náà, tí olùkọ́ sì nà wọ́n nítorí rẹ̀ kó lè tọ́. Gẹ̀ẹ́sì tó tọ́ tí kò sì ní àrà nínú gan-an ni ẹ̀rọ ń fura sí. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford kó àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún TOEFL, ìdánwò ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi wọ́n sínú ẹ̀rọ ayẹ̀wò méje. Ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ìdá 61 nínú 100 ni àwọn ẹ̀rọ náà pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ChatGPT fi ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ sí i tún àwọn àròkọ náà ṣe, ẹ̀sùn sì já wálẹ̀ gan-an. Èyí tí ọmọ èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ gàù, èyí tí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn sì ń bọ́.

Tí olùkọ́ bá fẹ́ mọ ohun tí ìfura ẹ̀rọ wúwo tó, orí ni kó kà. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ 200 ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí 20 nínú wọn jẹ́ kí ChatGPT bá wọn kọ ọ́. Ká tún sọ pé ẹ̀rọ ń mú ẹni mẹ́rin nínú márùn-ún tó lò ó, tó sì ń fi ẹ̀sùn kan ẹni márùn-ún nínú 100 tí kò lò ó. Nínú 20 yẹn, 16 á bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Nínú 180 tó kù, 9 á bá wọn lọ. Ẹni 25 ni ẹ̀rọ mú, 9 nínú wọn kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ kíláàsì tí ẹni márùn-ún péré ti lò ó ni, ẹ̀rọ kan náà á mú 4 tó jẹ̀bi, á sì mú nǹkan bíi 10 tí kò jẹ̀bi. Ẹ̀rọ kò yí padà, nọ́ńbà orí ìwé kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí olùkọ́ gbà gbọ́ ti yí padà pátápátá. Àwọn nọ́ńbà yìí jẹ́ ti àpẹẹrẹ o. Olùkọ́ tó mọ kíláàsì rẹ̀ lè fi tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà wá nìyí: olùkọ́ á rí 64%, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀, á wá fi iṣẹ́ náà sínú ẹ̀rọ méjì mìíràn. Àwọn náà á fura, olùkọ́ á sì sọ pé òun ti ní ẹ̀rí mẹ́ta. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló ní. Bí ẹni mẹ́ta bá dé iwájú ọba tí wọ́n ń jẹ́rìí pé Àjàyí jí ewúrẹ́, tí ìwádìí wá fi hàn pé ẹnu ìyá arúgbó kan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbọ́ ọ, ìyá arúgbó ni ẹlẹ́rìí, ó sì lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì tó tọ́ tí kò sì ní àrà ni ìyá arúgbó tó sọ fún àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rí tó wúlò lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ni èyí tó gba ọ̀nà mìíràn wá, tí kò bìkítà fún bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí.

Ọ̀nà kan ni ipa tí iṣẹ́ náà tọ̀ kó tó parí. Tó bá jẹ́ Google Docs ni akẹ́kọ̀ọ́ lò, kó fún olùkọ́ láǹfààní `Editor`, torí ẹni tó jẹ́ `Viewer` kò lè rí ohun tó ti kọjá. Olùkọ́ á wá lọ sí `File`, `Version history`, `See version history`. Ẹni tó ń ronú kọ ìwé máa ń lọ, á padà, á pa ìpínrọ̀ kan rẹ́, á gbé òmíràn lọ sísàlẹ̀. Iṣẹ́ tí 1,400 ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sínú fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà gba ìbéèrè, ó kàn jẹ́ pé ó lè jẹ́ orí fóònù ló ti kọ ọ́, kó tó dà á sínú Docs. Èyí tó tún yẹ ní fífura sí ni iṣẹ́ tó ń lọ tààrà láti orí dé ìsàlẹ̀ láìpadà rárá, nítorí bí ẹni tó ń wo ibòmíràn dà á kọ ṣe máa ń kọ nìyẹn.

Fáìlì Word náà ń ru àkọsílẹ̀ kiri: ẹni tó dá a, ọjọ́ tó dá a, àti iye ìṣẹ́jú tó wà ní ṣíṣí, èyí tó ń jẹ́ `Total Editing Time`. Níhìn-ín ni ìmọ̀ ìlú ti ṣe pàtàkì ju ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Gwagwalada tàbí Zuba kò ní láptọ́ọ̀pù. Wọ́n á fọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á gbé e lọ sí kafé, atẹ̀wé á sì tẹ̀ ẹ́ ní ogójì ìṣẹ́jú. Orúkọ kọ̀ǹpútà kafé ló máa wà níbẹ̀, àkókò á kéré, gbogbo rẹ̀ á sì jọ ti olè. Tí wọ́n bá da ọ̀rọ̀ náà sínú fáìlì tuntun, kíkà àkókò á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Nítorí náà, níbi tí kafé bá ti wọ ọ̀rọ̀, ìwé tí a fọwọ́ kọ ni kí olùkọ́ béèrè.

Bí ipa yìí ṣe wúwo tó kò dọ́gba síhà méjèèjì. Ká gbà pé mẹ́fà nínú mẹ́wàá àwọn tó dá kọ iṣẹ́ wọn ló lè fi ipa rẹ̀ hàn, àti pé ẹnì kan nínú mẹ́wàá àwọn tó lo ẹ̀rọ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú 25 tí ẹ̀rọ mú lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó máa mú ipa wá á jẹ́ nǹkan bíi 5 nínú aláìṣẹ̀ 9, àti nǹkan bíi 2 nínú ẹlẹ́ṣẹ̀ 16. Ipa tó dáa lè gbé ẹni tí ẹ̀rọ mú kúrò nínú ewu. Àmọ́ nínú àwọn tí kò rí ipa mú wá, bíi 14 ló jẹ̀bi, bíi 4 ni kò jẹ̀bi. Àìrí ipa kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ọ̀nà kejì ni ìwé ìtọ́kasí. Kí olùkọ́ tẹ DOI kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí àpilẹ̀kọ ń ní, sí `doi.org`, kó sì wo bóyá àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé àti ojú ìwé bá ara wọn mu. Ẹ̀rọ lè hun àpilẹ̀kọ tí kò sí níbì kankan, tí òǹkọ̀wé rẹ̀ sì jẹ́ ẹni gidi. Akẹ́kọ̀ọ́ lè dà irú rẹ̀ kọ láti inú pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kíláàsì, nítorí náà kó béèrè ibi tó ti rí i. Ẹ̀rí yìí wúwo, nítorí kò sí bí Gẹ̀ẹ́sì èèyàn ṣe rí tó lè mú un dá ìwé tí kò sí sílẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó, pẹ̀lú olùkọ́ kejì tó jókòó tì wọ́n, láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí iṣẹ́ wọlé kí ọ̀rọ̀ má tíì tutù lórí akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè tó dáa ń béèrè ìdí: kí ló dé tó fi mú ìjọba ìbílẹ̀ yìí, kí ló fẹ́ kọ tó wá yọ kúrò. Kí wọ́n jẹ́ kó fi Hausa tàbí Yorùbá ṣàlàyé tó bá fẹ́, torí òye ni wọ́n ń dán wò. Ìbéèrè tó rọrùn ni kó ṣíwájú. Ọmọ tí ẹ̀rù bà á á kàn máa wí pé "bẹ́ẹ̀ ni sà," ìyẹn kì í sì í ṣe ìjẹ́wọ́.

Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, apá kìíní àti apá kẹta ni ẹ̀rọ fi àwọ̀ kùn. Kafé ló tẹ̀ ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì mú ojú ìwé márùn-ún tó fọwọ́ kọ wá, pẹ̀lú ìlà tó fi pa ọ̀rọ̀ rẹ́ káàkiri. Apá kìíní àti ìkejì wà níbẹ̀, apá kẹta kò sí. Nínú ìwé ìtọ́kasí mẹ́sàn-án, méjì kò sí ní ayé, inú apá kẹta ni méjèèjì sì wà. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ṣàlàyé apá méjì àkọ́kọ́ láìwo ìwé. Nígbà tó kan ìkẹta, kò mọ ohun tí àwọn ìwé méjì yẹn sọ, kò sì rántí ibi tó ti rí wọn.

Ẹ̀rọ ṣì apá kìíní mú, ó sì jọ pé ó mú apá kẹta bó ṣe yẹ. Kò sí nọ́ńbà kan tó lè sọ ìyẹn. Ẹ̀sùn tó ṣeé gbé dé iwájú ìgbìmọ̀ ni ti ìtọ́kasí irọ́ méjì àti apá kẹta tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣàlàyé. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ yẹ ìlànà kọ́ọ̀sì rẹ̀ wò bóyá ó ka lílo ChatGPT léèwọ̀. Tí kò bá kà á, ìtọ́kasí irọ́ nìkan ló kù. Kí lẹ́tà so ẹ̀dà ìwé tí a fọwọ́ kọ mọ́ ara rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí `doi.org` fi hàn, àti ìbéèrè àti ìdáhùn tí olùkọ́ méjèèjì fọwọ́ sí. Kó dárúkọ 64% gẹ́gẹ́ bí ohun tó kọ́kọ́ mú kí wọ́n wo iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, kó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sí i, nítorí wọ́n máa ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, fáìlì kan náà sì lè gba nọ́ńbà mìíràn lóṣù tó ń bọ̀.