Ìlà funfun lára àwòrán: ẹ yẹ ihò wò kẹ́ ẹ tó fọ orí

Ọ̀gbẹ́ni kan gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú àwòrán kan: ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù tí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú láti etí bébà kan dé èkejì. Ó ní òun ti fọ orí ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ńṣe ló ń burú sí i. Mo béèrè bébà àyẹ̀wò. Kò tẹ ọ̀kankan rí.

Orí tó ń tu yíǹkì máa ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí bébà, ihò tíntìntín bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ihò kan bá di, ibi tó yẹ kó kùn yóò ṣófo ní gbogbo ọ̀nà tí orí náà gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí ìlà náà fi máa ń dábùú. 'Nozzle Check', àṣẹ ẹ̀rọ tó ń tẹ bébà àyẹ̀wò yẹn, ló ń mú kí ihò kọ̀ọ̀kan fa ìlà kúkúrú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tí ìlà bá ti já, ihò rẹ̀ kò tu nǹkan kan. (Yẹ́lò ṣòro láti rí lórí bébà funfun, lábẹ́ iná búlúù, yóò dúdú.)

A tẹ ẹ́. Dúdú, yẹ́lò àti màjẹ́ńtà pé. Sáyáànì, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ló já níbi mẹ́ta. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún tẹ àyẹ̀wò: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pé, àmọ́ ibi mẹ́rin mìíràn ti já. Yíǹkì tó gbẹ kì í rìn kiri. Bí àlàfo bá ń ṣípò, afẹ́fẹ́ ni mo máa ń fura sí.

Nígbà 'Head Cleaning', ìyẹn ìfọ̀ orí, orí náà yóò lọ jókòó sórí rọ́bà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, pọ́ǹpù yóò fa yíǹkì gba inú ihò jáde, rọ́bà pẹlẹbẹ yóò sì nu ojú rẹ̀. Yíǹkì yẹn kì í padà. Inú fóòmù ìdọ̀tí ló ń lọ. Bí ike yíǹkì bá sì ti ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ló máa ń bá a wọlé. Mo wo ike sáyáànì rẹ̀: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ìfọ̀ márùn-ún yẹn ló fa á gbẹ.

Mo pààrọ̀ ike náà, mo fọ orí lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi bọ́tìnnì ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ pa á, kí orí lè padà sórí rọ́bà rẹ̀ kó má baà gbẹ. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó tẹ àyẹ̀wò, gbogbo ìlà sì pé. Ká ní àlàfo náà dúró sójú kan lẹ́yìn ìfọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni, yíǹkì gbígbẹ ni ì bá jẹ́. Dídúró bẹ́ẹ̀ náà ló dáa fún un, kí yíǹkì tútù lè rọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, àwòrán rẹ̀ ṣì ní ọ̀já fẹ́ẹ́rẹ́, tó ṣú tó mọ́. Nígbà tí àyẹ̀wò ti pé, ìfọ̀ kò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀ mọ́. Bébà fọ́tò ló fi sínú ẹ̀rọ, bébà lásán ló yàn lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ sì ń fi ìgbésẹ̀ gígùn ti bébà náà. A yan bébà fọ́tò, ọ̀já náà pòórá.