Kí Ẹ Tó Ní Kí A Yọ Ẹnìkan Kúrò Nínú Fọ́tò Ìgbéyàwó

Ìyàwó kan kọ̀wé sí ẹni tó ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn wa, a ò mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ sì bá mi pa àbàwọ́n epo ara ìró mi rẹ́.” Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n àwòrán tó bá gba ibẹ̀ kọjá sábà máa ń dínkù. Orúkọ fáìlì náà, irú bíi DSC_4172, ló yẹ kó kọ, kí ayàwòrán lè ṣiṣẹ́ lórí ojúlówó rẹ̀.

Àbàwọ́n ló dà bí ohun kékeré, bẹ́ẹ̀ lára aṣọ òkè ni iṣẹ́ àìfarabalẹ̀ ti máa ń hàn jù. Bí a bá fi Clone Stamp, irinṣẹ́ àdàkọ inú Photoshop, da ibi tó mọ́ bo ibi tó lábàwọ́n, àwọn ìlà aṣọ náà kò ní bára mu mọ́. Epo pa àwọ̀ òwú dà, ṣùgbọ́n ìhunṣọ ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń mú àwọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan láti ibi tí ìlà yẹn gan-an ti mọ́, màá sì fi kun ún lórí ìpele tuntun tí mo ti yí sí Color, kí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji òwú má bàa yẹ̀. Níwọ̀n bí epo ti máa ń mú aṣọ ṣókùnkùn, màá fi Curves tan ibẹ̀ díẹ̀.

Ti ọkùnrin yẹn le jù, nítorí kámẹ́rà kò rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní iwájú kọ́tìnì lásán ló dúró sí ni, ìbá rọrùn. Ìgúnpá ọwọ́ tó fi gbé fóònù sókè ti bo etí gèlè ìyàwó. Àwọn fọ́tò tí a yà tẹ̀ léra wọn ni ìrètí wa: bí ó bá ti sọ ọwọ́ kalẹ̀ nínú èyí tó tẹ̀ lé e, a lè mú etí gèlè láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá ti yí orí padà, ìṣẹ́po gèlè kò ní bára mu, ó sì sàn kí ayàwòrán sọ bẹ́ẹ̀ fún un ju kó hùmọ̀ gèlè tí kò wé lọ.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹbí ọkọ wo fọ́tò náà, nítorí ẹni tí ìyàwó kò mọ̀ lè jẹ́ àbúrò bàbá ọkọ tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọn yóò sì máa wá nínú álíbọ́ọ̀mù.

Bí fọ́tò bá padà dé, kí ìyàwó fẹ̀ ẹ́ lójú, kó wò ó bóyá òjìji ọkùnrin náà ṣì wà lára kọ́tìnì (òun ni a sábà máa ń gbàgbé), àti bóyá òdòdó kan náà fara hàn lẹ́ẹ̀mejì níbi tó dúró sí.